Bí Ẹ Ṣe Lè Fi ATR Wọn Ibi Tí Sítọ́ọ̀pù Yẹ Kó Wà Lórí Kọ́ìnì Tó Ń Mì

Ká ní ẹ ra SOL, kọ́ìnì Solana, ní 150 dọ́là. Ẹ ò fẹ́ pàdánù púpọ̀, ẹ wá fi sítọ́ọ̀pù sí 145.50, ìyẹn ìdá 3 nínú 100 sí ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ ti rà á. Lóru, iye rẹ̀ já wá sí 144.80, pèpéle tí ẹ ti rà á sì tà á fún yín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, SOL ti padà sí 153. Kò sí ìròyìn burúkú kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí kọ́ìnì yẹn ṣe máa ń rìn lójoojúmọ́ náà ló ṣe rìn, àṣẹ títà yín ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

Sítọ́ọ̀pù ni àṣẹ tí ẹ fi sílẹ̀ lórí pèpéle pé bí iye bá já dé ibì kan, kí wọ́n tà kí àdánù má bàa pọ̀ jù. Ibo ló yẹ kí ibẹ̀ jẹ́? Èrò mi lórí rẹ̀ kò yí padà láti ọjọ́ tó ti yé mi: kọ́ìnì ló ń sọ bí sítọ́ọ̀pù ṣe máa jìnnà tó, àpò yín ló ń sọ iye tí ẹ máa rà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì. Wọ́n á kọ́kọ́ pinnu iye tí wọ́n fẹ́ rà, wọ́n á pinnu iye tí wọ́n lè pàdánù, sítọ́ọ̀pù á wá já síbi yòówù tí ìṣirò bá gbé e sí. Ẹni tó bá so ewúrẹ́ mọ́ ìdí igi kò gbọdọ̀ gbin ẹ̀fọ́ síbi tí okùn gùn dé, torí ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ó ya pòkíì. Ohun tí ATR, ìyẹn Average True Range, tó ń sọ bí kọ́ìnì ṣe sábà ń rìn tó lójúmọ́ kan, ń ṣe fún wa ni pé ó ń wọn bí okùn náà ṣe gùn tó.

Gbogbo iye SOL tí mo máa lò nísàlẹ̀ yìí, mo fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ ìṣirò ni. Ẹ má fi wọ́n ṣe iye ọjà òní.

Ohun tí ATR ń wọ̀n

Ọ̀gbẹ́ni J. Welles Wilder ló gbé ATR jáde ní ọdún 1978. Ọjà ohun ọ̀gbìn àti àwọn ọjà bẹ́ẹ̀ ló ń wò nígbà náà, àwọn ọjà tó máa ń tì lálẹ́ tí wọ́n sì ń ṣí láàárọ̀. Bí ọjà bá tì ní 100, tó ṣí ní 108 lọ́jọ́ kejì, tó sì rìn láàárín 107 sí 110 títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹni tó bá wo ọjọ́ kejì nìkan á sọ pé dọ́là 3 péré ni ìrìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rà á sílẹ̀ láti àná mọ̀ pé dọ́là 10 ló rìn. Ìdí nìyẹn tí Wilder fi ní ká wọn nǹkan mẹ́ta, ká sì mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀: láti ìsàlẹ̀ ọjọ́ náà dé òkè rẹ̀, láti ibi tí ọjà tì lánàá dé òkè òní, láti ibi tí ọjà tì lánàá dé ìsàlẹ̀ òní. Èyí tó bá pọ̀ jù ni ìrìn gidi ọjọ́ yẹn. Ìpíndọ́gba ìrìn gidi ọjọ́ 14 ni ATR tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò.

Kíríptò kì í tì. Ó ń rìn tọ̀sán-tòru, Sátidé àti Sunday pẹ̀lú, torí náà àlàfo láàárín ọjọ́ méjì kì í sábà sí, òkè àti ìsàlẹ̀ ọjọ́ náà ló sì sábà máa ń jẹ́ ìrìn gidi. Àlàfo ṣì lè yọ bí pèpéle bá dá iṣẹ́ dúró fún àtúnṣe, ẹ má sì yọ ìwọ̀n méjì tó kù kúrò nínú ìṣirò yín. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni wákàtí tí ọjọ́ ń parí. Lórí àwọn pèpéle ńláńlá, àbẹ́là ọjọ́ kan, ìyẹn àwòrán tó ń fi ìrìn ọjọ́ kan hàn lórí ṣáàtì, máa ń parí ní 00:00 UTC, ìyẹn aago kan òru ní Èkó àti ní Kùtọnu. Bí ẹ bá ka ATR láago mẹ́wàá alẹ́, ọjọ́ òní kò tíì pé, iye tí ẹ rí ṣì lè yí padà. Ti ọjọ́ tó ti parí ni kẹ́ ẹ máa lò.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ gba iye ATR, kẹ́ ẹ sì mọ bó ṣe wá

Lórí TradingView, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo ṣáàtì, ẹ ṣí ṣáàtì SOLUSDT, ìyẹn iye SOL sí USDT, kọ́ìnì tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn, ẹ mú àbẹ́là ọjọ́ kan, ẹ tẹ ATR síbi tí wọ́n ti ń wá àwọn ìwọ̀n, ẹ mú Average True Range. Á jáde nísàlẹ̀ ṣáàtì pẹ̀lú ọjọ́ 14 àti RMA, ìyẹn ọ̀nà ìpíndọ́gba tí Wilder fúnra rẹ̀ lò. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ṣáàtì USDT tàbí dọ́là, kì í ṣe ti náírà. Nínú iye SOL sí náírà, ìrìn náírà fúnra rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ìrìn kọ́ìnì, ATR tí ẹ bá rí níbẹ̀ á sì wọn méjèèjì pọ̀.

Mo gba yín níyànjú kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yín ṣe é lẹ́ẹ̀kan lórí Excel tàbí Google Sheets, torí ẹni tó bá ti ṣe é fúnra rẹ̀ máa mọ ìgbà tí ATR ń tan èèyàn jẹ. Ẹ fi déètì sí A, òkè ọjọ́ sí B, ìsàlẹ̀ sí C, ibi tí ọjọ́ parí sí D, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ wà ní ìlà kejì. Ìrìn gidi bẹ̀rẹ̀ ní E3, ATR àkọ́kọ́ sì jáde ní F16:

```
E3:  =MAX(B3-C3, ABS(B3-D2), ABS(C3-D2))
F16: =AVERAGE(E3:E16)
F17: =(F16*13+E17)/14
```

Ẹ fa E3 sí ìsàlẹ̀, ẹ fa F17 náà sí ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìlà kẹta yẹn dáadáa. Ọjọ́ tuntun kò ní ju ìpín kan lọ nínú mẹ́rìnlá, ìpín mẹ́tàlá tó kù jẹ́ ti àtẹ̀yìnwá. Ká ní ATR àná jẹ́ 9, SOL wá rìn láti 147.50 dé 161 lónìí, ìyẹn 13.50. Ìṣirò á jẹ́ 9 lọ́nà 13, tó jẹ́ 117, ká fi 13.50 kún un, ká pín in sí 14. ATR tuntun jẹ́ 9.32. Ọjọ́ tó rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdajì kàn fi díẹ̀ tì í sókè ni. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí lọ́pọ̀ ìgbà. Níwájú, ẹ máa rí ibi tí ìwà yìí ti ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ tún pín ATR sí iye kọ́ìnì. Ní 150 tí ẹ rà á, ATR 9 jẹ́ ìdá 6 nínú 100. Iye yìí lẹ lè fi wé kọ́ìnì mìíràn. Bí ATR Bítíkọ́ìnì bá jẹ́ ìdá 3 nínú 100 lásìkò kan náà, SOL ń mì ní ìlọ́po méjì rẹ̀, sítọ́ọ̀pù kan náà kò sì lè bá àwọn méjèèjì mu.

Ìgbésẹ̀ kejì: ATR mélòó ló tó?

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ ti máa ń gbọ́ pé kẹ́ ẹ fi ATR méjì tàbí mẹ́ta sí i, ṣùgbọ́n kì í sábà sí ẹni tó ń sọ ìdí. Ìdí náà so mọ́ iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi di kọ́ìnì náà mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé kọ́ìnì kò ní ibi tó ń lọ, pé ó kàn ń rìn sókè sódò bí ẹni ń ju owó ẹyọ. A lè ṣírò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kan sítọ́ọ̀pù yín kó tó di ọjọ́ báyìí. Sítọ́ọ̀pù tó jìnnà tó ìdajì ATR, ìyẹn 4.50 dọ́là nínú àpẹẹrẹ wa, ìrìn ọjọ́ kan á kàn án ní nǹkan bí ìgbà 42 nínú 100. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó di nǹkan bí 69 nínú 100. Sítọ́ọ̀pù 145.50 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tó fi í síbẹ̀ tó sì fẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin ti pàdánù lọ́pọ̀ ìgbà kí èrò rẹ̀ nípa kọ́ìnì náà tó láyè láti já sí òótọ́ tàbí irọ́.

Bí sítọ́ọ̀pù bá jìnnà tó ATR kan, ọjọ́ kan á kàn án ní nǹkan bí ìgbà 11 nínú 100, ọjọ́ mẹ́rin á kàn án ní 42. Bó bá jẹ́ ATR méjì, ọjọ́ mẹ́rin á kàn án ní 11 péré, ọjọ́ mẹ́wàá ní nǹkan bí 31. Ẹ rí i pé ATR méjì fún ọjọ́ mẹ́rin bá ATR kan fún ọjọ́ kan dọ́gba. Bí ọjọ́ bá di ìlọ́po mẹ́rin, àyè tí kọ́ìnì nílò á di ìlọ́po méjì. Torí náà, ẹni tó fẹ́ dúró fún ọjọ́ kan lè lo ATR kan. Ẹni tó fẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin dé ọ̀sẹ̀ kan, ATR méjì ló tọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ lé kọ́ìnì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kó lọ sí mẹ́ta.

Ìṣirò yìí mú ọ̀rọ̀ rọrùn ju bó ṣe rí gan-an lọ. Kọ́ìnì gidi máa ń dákẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, lẹ́yìn náà kó fò lójijì, ọjọ́ tó fò náà sì ń pọ̀ ju èyí tí ìṣirò owó ẹyọ máa sọ. Ẹ lo àwọn iye wọ̀nyẹn láti fi ibì kan wé ibì kejì, ẹ má fi wọ́n ṣe ìlérí.

Àṣìṣe kan wà tí mo rí púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ti mọ ATR pàápàá. Wọ́n ń ka ATR lórí ṣáàtì wákàtí kan, wọ́n á fi méjì sí i, wọ́n á wá di kọ́ìnì mú fún ọ̀sẹ̀ kan. ATR wákàtí kan kéré gan-an sí ti ọjọ́ kan. Ti wákàtí mẹ́rin pàápàá kì í sábà ju nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ti ọjọ́ kan lọ. Bí ti ọjọ́ bá jẹ́ 9, ẹ máa rí bíi 3.70 lórí ṣáàtì wákàtí mẹ́rin. Ìlọ́po méjì rẹ̀ kò tó ATR ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣáàtì tí ẹ fi ń pinnu láti wọlé àti láti jáde ni kẹ́ ẹ ti ka ATR.

Nígbà tí ẹ bá ti mú ìlọ́po, ẹ wo ṣáàtì bóyá ìsàlẹ̀ kan wà nítòsí tí kọ́ìnì ti dé tó sì ti padà láìpẹ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ATR méjì jẹ́ 18, 150 yọ 18 kúrò jẹ́ 132. Bí ìsàlẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá bá jẹ́ 133.40, 132 dára, ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 131, èmi á sún sítọ́ọ̀pù wá sí 129.70, torí ẹgbàágbèje èèyàn ló ń wo 131 àti 130 yẹn, iye máa ń lọ kàn wọ́n kó tó padà. Ṣùgbọ́n bí àyè ṣe fẹ̀ sí i, iye tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ dín kù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí àyè náà sọ iye tí ẹ máa rà

Ká ní dọ́là 1,000 ló wà nínú àpò ìṣòwò yín, ẹ sì ti pinnu pé òwò kan ò gbọdọ̀ mú ju ìdá kan nínú 100 lọ, ìyẹn dọ́là 10. Sítọ́ọ̀pù jìnnà tó 18. Mo máa ń fi díẹ̀ kún un fún owó iṣẹ́ pèpéle àti fún pé wọ́n lè tà á sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ ju ibi tí mo sọ lọ. Ká pè é ní 19. Ẹ pín 10 sí 19, ó jẹ́ 0.526. Ẹ ra SOL 0.52, tó jẹ́ dọ́là 78. Bí iye bá já dé 132, àdánù jẹ́ 9.36, owó iṣẹ́ àti ìyókù wà nínú ohun tó ṣẹ́ kù.

Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé iye náà kéré tó bẹ́ẹ̀. Dọ́là 78 nínú 1,000! Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà kejì. Ẹnì kan ní òun fẹ́ ra SOL dọ́là 500, òun ò sì fẹ́ pàdánù ju 10 lọ. SOL 3.33 ló máa rà, 10 nínú 3.33 jẹ́ dọ́là 3. Sítọ́ọ̀pù rẹ̀ á wà ní 147, ìyẹn ìdá mẹ́ta ATR kan. Ìṣirò owó ẹyọ wa sọ pé ìrìn ọjọ́ kan péré á kàn án ní nǹkan bí ìgbà 60 nínú 100. Ó rò pé dọ́là 10 lòun fi sínú ewu, ṣùgbọ́n dọ́là 10 yẹn á máa lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, owó iṣẹ́ á sì máa tẹ̀ lé e.

Bí kọ́ìnì bá jẹ́ Bítíkọ́ìnì tí ATR rẹ̀ jẹ́ ìdá 3, sítọ́ọ̀pù ATR méjì á jẹ́ ìdá 6, dọ́là 10 kan náà á sì jẹ́ kẹ́ ẹ lè ra nǹkan bíi dọ́là 166. Ewu kan náà ni, iye tí ẹ rà ló yàtọ̀. Bí àyè 18 bá sì mú kí èrè tí ẹ ń retí kéré sí àdánù, bóyá ẹ ń wo 156 nìkan, òwò náà ni kò dára. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má fún sítọ́ọ̀pù mọ́ra kí ó lè dà bíi pé ó dára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àṣẹ gan-an

Pèpéle máa ń ní irú àṣẹ méjì. Nínú èyí tí wọ́n kọ stop-limit sí, ẹ máa sọ iye tó máa tají àṣẹ, ẹ tún máa sọ iye tí ó kéré jù tí ẹ lè gbà. Bí iye bá fò kọjá èyí kejì kí ẹnikẹ́ni tó rà á, àṣẹ yín á dúró lásán, kọ́ìnì á ṣì wà lọ́wọ́ yín, á sì máa já lọ. Stop-market máa ń ta kọ́ìnì ní iye yòówù tí ọjà bá wà nígbà tó bá tají. Mo fẹ́ràn èyí kejì fún sítọ́ọ̀pù, torí iṣẹ́ sítọ́ọ̀pù ni kó mú mi jáde. Bó bá jẹ́ stop-limit nìkan ni pèpéle yín ní, ẹ fi àlàfo tó tó sáàárín iye méjèèjì: 132 láti tají, 129 láti tà, ìyẹn ìdá mẹ́ta ATR kan.

Ẹ̀yin tó ń lo owó yíyá láti fi ra, ẹ dúró síbí. Àyè yín jẹ́ 18 nínú 150, ìdá 12 nínú 100. Bí ẹ bá fi owó yíyá sọ owó tiyín di ìlọ́po mẹ́wàá, pèpéle á gba òwò náà lọ́wọ́ yín tipátipá kí àdánù tó pé ìdá 10, níbi kan tó ga ju 135 lọ. Sítọ́ọ̀pù yín tó wà ní 132 kò ní ṣiṣẹ́ láé, torí wọ́n á ti kó owó yín lọ kó tó débẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ wo iye tí wọ́n kọ Liq. Price sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti máa gba òwò náà lọ́wọ́ yín. Ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ sítọ́ọ̀pù yín, kó sì jìnnà sí i tó ATR kan ó kéré tán. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìlọ́po mẹ́ta ṣe é, ìlọ́po mẹ́wàá kò ṣe é. Iye SOL tí ẹ rà kò gbọdọ̀ kúrò ní 0.52, yálà ẹ yá owó tàbí ẹ ò yá a.

Lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé

Ẹ kọ ATR ọjọ́ tí ẹ wọlé sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi sítọ́ọ̀pù sílẹ̀ níbi tí ó wà. Bí ATR bá lọ sókè lọ́jọ́ kejì nígbà tí kọ́ìnì ń já, ọkàn yín á sọ pé kẹ́ ẹ fi àyè kún un. Ẹ má ṣe é. Dọ́là 10 lẹ fi sínú ìṣirò, bí ẹ bá sún sítọ́ọ̀pù sísàlẹ̀, ìṣirò yẹn ti bàjẹ́.

Sísún un sókè ni ó yẹ. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ mú òkè tó ga jù tí kọ́ìnì ti dé látìgbà tí ẹ ti wọlé, kẹ́ ẹ yọ ATR mẹ́ta kúrò, kẹ́ ẹ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ lẹ́yìn aago kan òru. Ká ní SOL dé 171, ATR sì jẹ́ 9.30. 171 yọ 27.90 kúrò jẹ́ 143.10. Ó ga ju 132 lọ, nítorí náà sítọ́ọ̀pù kọjá síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dé 186, ATR di 10, sítọ́ọ̀pù di 156, ó ti kọjá ibi tí ẹ ti rà á. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí òkè tuntun, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń le, ATR di 11.20. Ìṣirò á fún yín ní 152.40. Ẹ fi sítọ́ọ̀pù sílẹ̀ ní 156, torí kì í padà sẹ́yìn. SOL já, wọ́n tà á ní 155.80. Èrè yín lórí SOL 0.52 jẹ́ nǹkan bí dọ́là 3, kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́.

Èrè náà kéré, kọ́ìnì sì ti dé 186. Ohun tí ATR mẹ́ta ń gbà lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn: bí ó ti wù kí òkè ga tó, ẹ máa dá ATR mẹ́ta padà kẹ́ ẹ tó jáde. Ó máa ń san án fún yín nígbà tí kọ́ìnì bá gun òkè gígùn tí kò sì mì ju bó ṣe máa ń mì lọ. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, ẹ ta ìdajì nígbà tí èrè bá tó àyè sítọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, ní 168 nínú àpẹẹrẹ yìí, kẹ́ ẹ sì fi ATR mẹ́ta tẹ̀ lé ìdajì tó kù. Bí ẹ bá fún un mọ́ ATR kan ààbọ̀ torí ìbẹ̀rù, ẹ ti padà síbi tí okùn gùn dé.

Ìgbà tí ATR kò sọ òótọ́

Ẹ rántí ìlà kẹta nínú ìṣirò wa. Bí SOL bá rìn dọ́là 40 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ATR 9 á di 11.21. Bí ọjọ́ bá wá padà sí 9, àfikún yẹn á máa dín díẹ̀díẹ̀, yóò gbà tó ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn ATR ń sọ nípa ọjọ́ tó ti kọjá. Àyè yín á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ máa ra díẹ̀. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀.

Ìdàkejì rẹ̀ ló léwu. Kọ́ìnì lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ATR sọ̀ kalẹ̀ wá sí 5, kí ẹ fi 10 ṣe àyè, kí ẹ sì ra nǹkan bí ìlọ́po méjì, nígbà tó kù díẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bí mo ṣe ń yẹra fún un ni pé mo ń ka ATR ọjọ́ 14 àti ti ọjọ́ 50 pọ̀, mo sì ń lo èyí tó bá pọ̀ jù. Bí ti 14 bá jẹ́ 5, tí ti 50 jẹ́ 8, 8 ni mo máa fi ṣírò. Ẹ kàn yí 14 padà sí 50 nínú ètò ìwọ̀n náà.

Ìròyìn tó fò lójijì kọjá agbára rẹ̀ pátápátá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tí pèpéle FTX ń wó, SOL pàdánù ju ìdajì iye rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí àwọn èèyàn mọ̀ pé FTX àti Alameda, ilé iṣẹ́ ìṣòwò tí ẹni tó dá FTX sílẹ̀ náà dá sílẹ̀, kó púpọ̀ nínú rẹ̀ sọ́wọ́. Kò sí ATR ọjọ́ 14 tó rí i tẹ́lẹ̀. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, sítọ́ọ̀pù á tají, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n máa tà á lè jìnnà gan-an sí ibi tí ẹ kọ. Iye tí ẹ rà nìkan ló lè dáàbò bò yín níbẹ̀. Ẹni tó ra dọ́là 78 nínú 1,000 kò lè pàdánù ju 78 lọ bí kọ́ìnì náà bá tilẹ̀ di òfo.

Àwọn kọ́ìnì kéékèèké tí èèyàn díẹ̀ ń rà tún ní ìṣòro tiwọn. Àṣẹ ńlá kan ṣoṣo lè fa iye wọn sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kó padà. Lórí ṣáàtì, ẹ máa rí òwú gígùn, ìyẹn ìlà tín-ínrín, nísàlẹ̀ àbẹ́là pẹ̀lú ara kékeré. Bí irú òwú bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú ọjọ́ 14, ATR ń wọn àìtó olùrà mọ́ ìrìn kọ́ìnì, sítọ́ọ̀pù yín náà sì lè tají nígbà tí kò sí olùrà. Èmi kì í fi ATR ṣe òwò lórí irú kọ́ìnì bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe àyè ni wọ́n ṣaláìní.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìlọ́po yín tọ́

Fún òwò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: iye tí ẹ fi rà, ATR ọjọ́ náà, ibi tó jìnnà jù tí kọ́ìnì já dé kí òwò tó parí, àti bí ó ṣe parí. Ẹ pín jíjá náà sí ATR. Bí ẹ bá rà ní 150, tó já dé 141.90 kó tó gòkè, 8.10 nínú 9 jẹ́ ATR 0.9.

Nígbà tí àwọn òwò tó jèrè bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ to àwọn iye wọ̀nyẹn láti kékeré dé ńlá. Ká ní nínú ogún tó jèrè, mẹ́tàdínlógún kò já kọjá ATR 1.4 rí. A jẹ́ pé ATR méjì fẹ̀ ju ohun tí ọ̀nà ìwọlé yín nílò lọ, ẹ lè fún un wá sí 1.6, kẹ́ ẹ sì máa ra díẹ̀ sí i. Ẹ wo àwọn tó pàdánù náà. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá kan sítọ́ọ̀pù tán tí kọ́ìnì sì padà gòkè láàárín ọjọ́ méjì, àyè yín há. Bí wọ́n bá kàn án tí wọ́n sì ń já lọ láìwẹ̀yìn, sítọ́ọ̀pù wà níbi tó yẹ, ibi tí ẹ ti ń wọlé ni kẹ́ ẹ tún yẹ̀ wò. Ẹ má pa ìwé SOL pọ̀ mọ́ ti kọ́ìnì mìíràn kó tó di pé ẹ ti pín gbogbo rẹ̀ sí ATR, ẹ má sì yí ìlọ́po padà torí òwò kan ṣoṣo.